Kí o tó sọ pé "Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀"

1.
Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. Mo fẹ́ sọ bí bọ̀dá kan ṣe ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi lórí Wásáàpù tí wọn ò fèsì fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mo bínú, tí mo ń pè wọ́n ní ahun nínú ọkàn mi, tó wá jẹ́ pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi.

2.
Ìkirè ni mò ń gbé. Ìyá mi ń dín dòdò Ìkirè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá, ata, iyọ̀, epo pupa, kó dúdú, kó dùn, kó ta lẹ́nu. Èmi ni mo máa ń dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, tí mo ń tà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọ̀ṣun tó wà ní ìlú wa níbí. Mo wá ń rò ó pé, ṣé ọjà wa ò lè dé orí pẹpẹ sùpamákẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn ni?

3.
Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àmọ́ bọ̀dá kan wà ní àdúgbò wa tí iṣẹ́ gbé lọ sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan mo rí i lórí sítétọ́ọ̀sì wọn pé wọ́n ń kí àǹtí kan kú ọjọ́ ìbí. Mo bi wọ́n ta ni, wọ́n ní àwọn àti àǹtí náà jọ ṣiṣẹ́ rí, pé àǹtí yẹn ló ń yan ọjà fún sùpamákẹ́ẹ̀tì kan báyìí. Háà! Ilẹ̀kùn rèé!

4.
Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí bọ̀dá lọ́jọ́ kejì rèé, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un:

"Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bá àǹtí yẹn sọ̀rọ̀ nípa bísínẹ́ẹ̀sì mi. Ẹ̀yin nìkan ni mo gbójú lé sà. Ọlọ́run á máa bù kún yín."

Wọ́n kà á. Àmì méjèèjì di búlúù. Ìdákẹ́jẹ́.

5.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, a pàdé níbi òde kan ní Àpòmù. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣe bíi pé kò sí nǹkan. Àwọn gan-an ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ o. Ìgbà mẹ́ta ni mo gbé fóònù kí n kọ̀wé sí wọn. Ṣùgbọ́n kí ni kí n wí? Ṣé owó lo fẹ́ ni? Ṣé iṣẹ́ ni? Ṣé kí wọ́n wá ra dòdò ni? Mi ò mọ ohun tí màá kọ, mo wá gbé e sílẹ̀."

Kí ni kí n wí? Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

6.
Èrò mi rèé, tí ẹ bá sì fẹ́ kí ẹ bá mi jà lé e lórí: tí o bá ní kí ẹnìkan fi ọ́ mọ ẹlòmíràn, tí onítọ̀hún ò dá ọ lóhùn, nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ni kì í ṣe ìkà. Iṣẹ́ lo gbé fún un tó wúwo ju bó o ṣe rò lọ. O sì tún ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, kò lè sọ pé rárá láìjẹ́ pé ojú tì í. Ohun tó kù fún un ni kó dákẹ́.

7.
Ẹ jẹ́ ká ka iṣẹ́ tí mo gbé fún bọ̀dá. Wọ́n gbọ́dọ̀ rántí ohun tí mò ń ṣe. Wọ́n gbọ́dọ̀ méfò ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ àǹtí náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó kọ ọ́ lọ́nà tí kò fi ní jọ pé wọ́n ń tọrọ nǹkan. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara wọn dúró fún mi níwájú ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Gbogbo ìyẹn látinú "ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀" kan ṣoṣo.

8.
Àwọn àgbà ní tí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òótọ́ ni. Àmọ́ èmi ni mo ránṣẹ́ ẹrú, mo wá ń retí pé kí bọ̀dá fi àsìkò tiwọn sọ ọ́ di tọmọ. Kí ló dé tí èmi tí mo ní iṣẹ́ náà ò ṣe é dáadáa kí n tó rán wọn?

9.
Nǹkan yìí kì í sì í ṣe àṣà òyìnbó o. Ẹ rántí alárenà. Láyé àtijọ́, tí ọmọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, kì í ṣe pé ó máa já lu ọmọ lójú ọ̀nà. Alárenà ló máa wà láàárín. Á wádìí ilé tọmọ ti wá, á gbé ọ̀rọ̀ lọ, á gbé èsì bọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa, kì í ṣe ojú títì nìkan ló fà á. Tí ilé obìnrin bá sọ pé àwọn ò fẹ́, alárenà ló gbọ́ ọ. Ìdílé méjèèjì ò tíì jókòó síwájú ara wọn, kò sẹ́ni tójú tì, wọ́n ṣì lè kí ara wọn lọ́jà. Iṣẹ́ alárenà gan-an ni pé kí "rárá" ṣeé sọ láìdá ìjà sílẹ̀.

10.
Nítorí náà, tí o bá ń bẹ ẹnìkan pé kó fi ọ́ mọ ẹlòmíràn, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá fàlàlà: alárenà fúnra rẹ̀, àti ẹni tí o fẹ́ mọ̀. Tí o bá mú ìyẹn lọ́wọ́, ìyókù rọrùn. Mo máa sọ bí mo ṣe tún tèmi ṣe, ní ìpele ìpele.

11.
Àkọ́kọ́: wo alárenà rẹ dáadáa. Pé ẹni méjì jọ wà nínú fọ́tò, tàbí pé wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn lórí Ínsítágíràámù, kò túmọ̀ sí pé wọ́n mọ ara wọn. Ìbéèrè tó o fẹ́ dáhùn ni: tí ẹni yìí bá kọ̀wé sí ẹni yẹn lónìí, ṣé á fèsì? Bọ̀dá àti àǹtí jọ ṣiṣẹ́ rí, wọ́n sì ṣì ń kí ara wọn kú ọjọ́ ìbí. Ìyẹn tó. Tí kò bá dá ọ lójú, bèèrè kó o tó bẹ̀bẹ̀: "Ṣé ẹ̀yin àti àǹtí yẹn ṣì máa ń sọ̀rọ̀ sà?" Ìbéèrè yẹn ò wúwo, èsì rẹ̀ á sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ.

12.
Má sì rò pé ìmùlẹ̀ rẹ nìkan lo lè bẹ̀. Onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1973. Ó bi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ ní àdúgbò kan lẹ́bàá Bọ́sítìnì, àwọn tó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ojúlùmọ̀, pé báwo ni wọ́n ṣe máa ń rí ojúlùmọ̀ ọ̀hún sí. Nǹkan bíi 17 nínú 100 péré ló ní àwọn máa ń rí i lemọ́lemọ́. Àwọn yòókù, ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tàbí tí wọn kì í sábàá rí ni.

Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó ò ń bá jẹun lójoojúmọ́, àwọn tí ìwọ mọ̀ náà lòun mọ̀. Ẹni tó jìnnà díẹ̀ ló mọ àwọn tí ìwọ ò mọ̀.

13.
Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ewu wà. Ẹni tó jìnnà sí ọ díẹ̀ kì í mọ̀ ọ́ tó láti fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn rẹ. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìwọ lo máa kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un.

14.
Ìkejì, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà: àtẹ̀jíṣẹ́ méjì ni kó o kọ, kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀kan fún alárenà. Ọ̀kan fún ẹni tó o fẹ́ mọ̀, èyí tí alárenà kàn máa tari síwájú láìyí nǹkan kan padà. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀, má lọ́ wọn pọ̀ mọ́ra.

15.
Èyí tí mo kọ sí bọ̀dá ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn òde Àpòmù rèé:

"Ẹ káalẹ́ sà, ẹ kú iṣẹ́ òní. Lórí ọ̀rọ̀ àǹtí tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí: mo fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta nípa bí sùpamákẹ́ẹ̀tì ṣe ń gba oúnjẹ ìbílẹ̀. Ṣé ó máa rọrùn fún yín láti bi wọ́n bóyá wọ́n lè dá mi lóhùn? Mo ti kọ ohun tí ẹ lè tari sí wọn, ó wà nísàlẹ̀, kó má di pé ẹ tún ń wá ọ̀rọ̀. Ẹ má tíì fún mi ní nọ́ńbà wọn sà, àyàfi tí wọ́n bá gbà. Tó bá sì jẹ́ pé àsìkò yìí ò dáa, tàbí pé ẹ ò fẹ́ fi irú rẹ̀ lọ̀ wọ́n, kò sí wàhálà rárá. Mo ní ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà wádìí. Ẹ ṣeun sà."

16.
Ẹ wo ohun mẹ́rin nínú rẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo fẹ́ mọ̀ àti ìdí. Mo sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe kò ju pé kí wọ́n béèrè. Mo ní kí wọ́n má tíì fún mi ní nọ́ńbà. Mo sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀.

Ti nọ́ńbà yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ohun tí a máa ń bèèrè ni "ẹ fún mi ní nọ́ńbà wọn". Tí bọ̀dá bá fún mi láìbéèrè, tí mo wá pe àǹtí náà ní aago méje àárọ̀, ta ni wọ́n máa bínú sí? Kì í ṣe èmi, wọn ò mọ̀ mí. Bọ̀dá ni.

17.
Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn tòótọ́. Nínú ìwé mi àkọ́kọ́ mo kọ "ẹ̀yin nìkan ni mo gbójú lé". Mo rò pé ìtẹríba ni. Ẹ̀wọ̀n ni! Tí bọ̀dá bá sọ pé rárá, á dà bíi pé àwọn ló ba ayé mi jẹ́. Ẹgbẹ́ ẹ̀ ni "ẹ má jẹ̀ẹ́ kójú tì mí", "ẹ rò ó bí ẹni pé àbúrò yín ni mí", àti àdúrà gígùn tó o so mọ́ ọn kí wọ́n tó ṣe é. Àdúrà dáa, àmọ́ fi í pamọ́ di ìgbà tí wọ́n bá ti dáhùn, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

18.
Ọ̀nà tí ilẹ̀kùn náà fi ń ṣiṣẹ́ ni pé kí o fi ìdí kan sí i tí wọ́n lè gbá mú. "Àsìkò yìí ò dáa" jẹ́ ìdí tí ẹnikẹ́ni lè lò láìpurọ́. "Mo ní ọ̀nà mìíràn" ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ayé mi ò ní parí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ o. Ọ̀nà mìíràn tèmi ni pé kí n wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, kí n wọ sùpamákẹ́ẹ̀tì náà, kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo bá bá nídìí kántà.

19.
Tí alárenà bá kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, ẹ ṣọ́ra gidi. Àbúrò ò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n kó ní "mi ò lè ṣe é". Nílẹ̀ wa, ẹnu ò gbà á. Tó bá jẹ́ àbúrò lo fẹ́ bẹ̀, sọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn di méjì: "Tí kò bá bá ọ lára mu, má wulẹ̀ fèsì, mi ò ní bi ọ́ mọ́." Kí o sì pa ọ̀rọ̀ rẹ mọ́, má bi í mọ́ lóòótọ́.

20.
Àtẹ̀jíṣẹ́ kejì wàyí, èyí tí wọ́n máa tari:

"Ẹ kú iṣẹ́ ma. Orúkọ mi ni …, Ìkirè ni mò ń gbé. Èmi àti ìyá mi ń dín dòdò Ìkirè, a sì ń dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, a ń tà tó 60 lọ́sẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí sùpamákẹ́ẹ̀tì máa ń bèèrè kó tó gba irú ọjà yìí. Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ wá ra ọjà. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni: mo lè kọ wọ́n ránṣẹ́ kí ẹ dáhùn nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, tàbí kí n pè yín fún ìṣẹ́jú 10. Àwòrán ọjà náà rèé. Nọ́ńbà mi ni …. Tí kò bá ṣeé ṣe, mo dúpẹ́ pé ẹ ka èyí ma."

21.
Èyí ni ìdánwò tí mo máa ń fún un kí n tó fi ránṣẹ́: tí àǹtí náà bá rí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí nìkan ṣoṣo, láìsí bọ̀dá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé wọ́n máa mọ ẹni tí mo jẹ́, ohun tí mò ń ṣe, ohun tí mo fẹ́, àti bí wọ́n ṣe máa rí mi? Tí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, bọ̀dá ló máa wá fi ẹnu dí i. Iṣẹ́ ti tún padà sọ́rùn wọn nìyẹn.

22.
Má fi ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ìwọ àti alárenà sínú rẹ̀. Kò sí "bí mo ṣe sọ fún yín lọ́jọ́sí sà". Kò sí "bọ̀dá ní ọlọ́kàn rere ni yín". Tí bọ̀dá bá gbọ́dọ̀ yọ gbólóhùn kan kúrò kí wọ́n tó tari rẹ̀, wọ́n á gbé e sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀la kì í tètè dé lórí Wásáàpù.

23.
Nǹkan kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí. Tí o bá tari àtẹ̀jíṣẹ́ lórí Wásáàpù, àmì kékeré kan máa ń wà lórí rẹ̀ tó ń sọ pé títarí ni wọ́n tarí rẹ̀. Àwọn kan ń tijú àmì yẹn. Èmi ò. Ó ń dáàbò bo alárenà. Àǹtí á rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni, kì í ṣe bọ̀dá ló ń fọwọ́ sọ̀yà pé dòdò wa dùn. Tí bọ̀dá bá fẹ́ fi gbólóhùn tiwọn kún un, ìyẹn kù sọ́wọ́ wọn. Wọ́n sì kọ ọ́ lóòótọ́: "Ọmọ àdúgbò wa ni, ó mọ iṣẹ́ ẹ̀." Èmi ì bá ti bẹ̀ wọ́n títí, wọn ì bá má sọ bẹ́ẹ̀.

24.
Ẹ tún wo bí ohun tí mo tọrọ ṣe kéré tó. Nígbà àkọ́kọ́, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí àǹtí gbé ọjà wa sórí pẹpẹ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n lè gbà fún àjèjì, kì í sì í ṣe ohun tí bọ̀dá lè fi orúkọ wọn béèrè. Ìbéèrè mẹ́ta, ìṣẹ́jú 10, ẹnikẹ́ni lè fún ni. Tí ohun tó o fẹ́ bá tóbi, wá ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ tó kéré jù, òun ni kó o bèèrè. Ìyókù, ìwọ àti onítọ̀hún lẹ jọ máa sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ti mọra.

25.
Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ ọ́ nísàlẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù ni gbogbo nǹkan yín. Ṣé èèyàn ò lè dìde lọ bá àgbà ní ilé ni?" Ìyá mi gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fẹ́ bẹ àgbà, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín, kì í ṣe àtàǹpàkò.

Wọn ò purọ́. Tí alárenà bá jẹ́ àgbà, tó sì wà nítòsí, lọ kí wọn. Ẹlòmíràn á ka àtẹ̀jíṣẹ́ sí àfojúdi, bó ti wù kó dùn tó.

26.
Àmọ́ ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ nìkan ti ń kù. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú kojú ni "rárá" ti nira jù. Tí o bá kúnlẹ̀ síwájú àgbà nínú pálọ̀ wọn, wọ́n á ní "á dáa, màá bá wọn sọ̀rọ̀", kó o ṣáà lè dìde. Ìkejì, tí o bá lọ tán, ọ̀rọ̀ náà ò sí lọ́wọ́ wọn mọ́, wọ́n á máa rántí ìdajì rẹ̀.

Nítorí náà, ṣe méjèèjì. Lọ kí wọn, sọ ohun tó gbé ọ wá ní ṣókí, kí o sì fi kún un pé: "Ẹ má tíì dá mi lóhùn báyìí ma, màá kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ẹ lè rò ó." Délé, fi àtẹ̀jíṣẹ́ méjèèjì ránṣẹ́. Ọ̀wọ̀ ti pé, ìwé ti wà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà ní ṣíṣí.

27.
Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ńkọ́? Mi ò gbà á níyànjú fún àtẹ̀jíṣẹ́ kejì. Àǹtí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò lè tẹ́tí sí ohùn àjèjì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín èèyàn, àmọ́ wọ́n lè ka ìlà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí alárenà ò bá fẹ́ràn ìwé kíkà, fi ohùn ránṣẹ́ sí alárenà, kí èyí tí wọ́n máa tari ṣì jẹ́ ìwé.

28.
Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe parí. Alẹ́ ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́ gan-an ni bọ̀dá tari rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di wákàtí méjì! Lọ́jọ́ kejì wọ́n kọ̀wé sí mi: "Wọ́n ní kó o kọ ìbéèrè náà ránṣẹ́. Nọ́ńbà wọn rèé."

29.
Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ mo ti kọ̀wé sí àǹtí. Má jẹ̀ẹ́ kó di ọjọ́ kejì o. Tí alárenà bá ti lo orúkọ rẹ̀ fún ọ, tí ìwọ wá ń sùn, òun ló máa dà bí aláìmọ̀kan. Mo kí wọn, mo sọ pé èmi ni ọmọ tí bọ̀dá sọ, mo kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì dákẹ́. Mẹ́ta ni mo sọ, mi ò sọ ọ́ di méje.

30.
Nígbà náà ni mo yọ bọ̀dá kúrò nínú rẹ̀. Mo kọ sí wọn pé: "Wọ́n ti dá mi lóhùn sà, ẹ ṣeun púpọ̀. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́, màá jábọ̀ fún yín tó bá parí." Àwọn àgbà ti sọ ọ́: tí ọkọ bá ti mojú aya tán, alárenà á yẹ̀bá. Ẹ má máa fi alárenà sílẹ̀ sáàárín, kí wọ́n máa gbé "ṣé wọ́n ti rí i, kí ni wọ́n sọ" lọ, kí wọ́n máa gbé e bọ̀.

31.
Ṣé àǹtí gba ọjà wa? Rárá o. Wọ́n ní oúnjẹ tí a dì sínú ọ̀rá láìsí nọ́ńbà NAFDAC, láìsí ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí àsìkò rẹ̀ máa parí lára rẹ̀, àwọn ò lè gbé e sórí pẹpẹ. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mọ iye ọjọ́ tó ń gbé kó tó bàjẹ́. Ohun tí mo nílò gan-an nìyẹn, èmi tí mo rò pé orúkọ ẹni tó mọ ẹnìkan nìkan ló kù.

Mo padà jábọ̀ fún bọ̀dá, mo sọ pé wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo sì sọ ohun tí mo kọ́. Inú wọn dùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ alárenà tí kì í padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

32.
Tí alárenà bá dákẹ́ ńkọ́? Dúró ọ̀sẹ̀ kan. Rán an létí lẹ́ẹ̀kan, ní gbólóhùn kan, kí o sì tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Tí wọ́n bá tún dákẹ́, "rárá" nìyẹn, gbà á bẹ́ẹ̀, kí o sì máa kí wọn bó o ṣe ń kí wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó sọ pé rárá lónìí lè gbà lọ́dún tó ń bọ̀, bí o kò bá bà á jẹ́.

33.
Ohun méjì wà tí mo rí tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọ̀kan: kí o bẹ alárenà méjì sí ẹnìkan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ kan náà á dé látọ̀dọ̀ ẹni méjì lọ́jọ́ kan, á wá dà bí ìpolongo. Mú ọ̀kan, parí rẹ̀, kó o tó lọ bá èkejì.

Ìkejì ló burú jù: kí alárenà dákẹ́, kí o wá lọ bá onítọ̀hún fúnra rẹ, kí o ní "bọ̀dá báyìí ló ní kí n bá yín sọ̀rọ̀". O ti jí orúkọ lò. Ìpè kan péré láàárín àwọn méjèèjì ni àṣírí á fi tú, ìwọ sì ti pàdánù ẹni méjì lọ́jọ́ kan.

34.
Ó kù sọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n ń bẹ̀ lónìí, tí ẹnìkan kọ "ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀" ránṣẹ́ sí ọ, má dákẹ́ bíi ti bọ̀dá. Fèsì pé: "Kọ ìlà mẹ́fà tí mo lè tari ránṣẹ́ sí mi." Tó bá kọ ọ́, iṣẹ́ rẹ ti di ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá kọ ọ́, ìwọ ò sọ pé rárá, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sílẹ̀.

35.
Ọ̀rọ̀ mi tán. Mò ń ka ọjọ́ tí dòdò ń gbé nínú ọ̀rá báyìí, ọ̀rá mẹ́wàá wà lórí tábìlì, mo kọ ọjọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi ti jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀ o.